Ogún bàbá Mùsùlùmí l'Ékìtì: Ṣàríà, ìdí-igi, àbí òfin ìjọba?

*"Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá wa papòdà ní Adó-Èkìtì, wọn ò sì kọ ìwé ìhágún. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́, yìgì ni wọ́n so fún àwọn méjèèjì. Màmá mi ni ìyálé, àwa mẹ́ta ni wọ́n bí: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyàwó kejì bí, òun sì ti di Kristẹni láti ilé ìwé gíga. Lémọ́ọ̀mù àdúgbò wa ní Ṣàríà ni ká fi pín ogún. Àwọn àbúrò bàbá ní ìdí-igi ni ti Èkìtì. Ọmọ ìyàwó kejì ní kóòtù nìkan lòun máa tẹ́tí sí. Èwo gan-an lòfin?"*

Àbúrò mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá. Kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, kó sì fi Àlùjánnà ta wọ́n lọ́rẹ.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó ń parọ́. Bí ẹ bá dé iwájú adájọ́, òfin ìbílẹ̀ bàbá yín ló máa kọ́kọ́ wò, ẹni tó bá sì ní Ṣàríà ni kí wọ́n lò, òun ló máa mú ẹ̀rí wá. Bí ẹ kò bá dé iwájú adájọ́, tí gbogbo yín tó ní ìpín sì fohùn ṣọ̀kan tọkàntọkàn, ẹ lè fi Ṣàríà pín in, ìjọba kò ní dí yín lọ́wọ́. Orí àbúrò yín tó di Kristẹni ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ta kókó. Nítorí náà, kí n tó sọ ti òfin, ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó, torí ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń jà lórí orúkọ òfin tí wọn kò tíì jókòó ṣírò ohun tó máa bù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ká ní lẹ́yìn tí ẹ san owó ìsìnkú àti gbogbo gbèsè tí bàbá jẹ, ohun tó kù, ilé àti owó báńkì pa pọ̀, jẹ́ mílíọ̀nù 24 náírà. Ilé ẹ̀kọ́ òfin Màlíkì ni àwọn ààfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé. Níbẹ̀, nígbà tí ọmọ bá wà, àwọn opó lápapọ̀ ló ni ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdá náà kì í pọ̀ sí i torí pé ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, àwọn náà ló máa pín in láàárín ara wọn. Ìyẹn mílíọ̀nù 3, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ fún màmá yín, iye kan náà fún ìyàwó kejì. Mílíọ̀nù 21 ló kù fún ọmọ, ọkùnrin á gba ìlọ́po méjì obìnrin. Ká ní Mùsùlùmí ni ẹ̀yin ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà mẹ́fà ni wọn á pín in sí: ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á gba mílíọ̀nù 7, ìwọ àti àbúrò rẹ obìnrin á gba mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọmọ kan ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Lábẹ́ Màlíkì, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í jogún Mùsùlùmí. Wọn á yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò bí ẹni pé kò sí. Mílíọ̀nù 21 yẹn á wá di ọ̀nà mẹ́rin: ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin á kó mílíọ̀nù mẹ́wàá àtààbọ̀, ìwọ àti àbúrò rẹ á gba mílíọ̀nù 5 àti ẹgbẹ̀rún 250 níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ ìyàwó kejì kò ní rí kọ́bọ̀.

Ìdí-igi ńkọ́? Ìdí ìyàwó ni wọ́n ń fi pín in, kì í ṣe orí ọmọ. Ìdí méjì ló wà nílé yín, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba mílíọ̀nù 12. Ẹ̀yin mẹ́ta ọmọ ìyálé á pín tiyín sí mílíọ̀nù mẹ́rin-mẹ́rin, ọkùnrin kò ju obìnrin lọ. Ọmọ ìyàwó kejì nìkan á sì kó mílíọ̀nù 12. Àwọn ìyàwó fúnra wọn kò ní gba nǹkan kan, torí nínú àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ. Ó lè máa gbé inú ilé, ó lè dúró lórí ohun tó kan ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n dúkìá kò di tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì lo orí-ò-jorí, ẹ̀yin ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gba mílíọ̀nù mẹ́fà-mẹ́fà, àwọn opó á ṣì wà ní òfo.

Ọ̀nà kẹrin wà tí kò kàn yín tààrà, ṣùgbọ́n tó ń kan ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí l'Ékìtì tí wọn kò mọ̀. Ká ní bàbá yín ti bá màmá yín lọ sí rẹ́jísìtìrì láti forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba, bóyá nítorí ìwé ìrìnnà tàbí owó ìfẹ̀yìntì, òfin ìṣàkóso ogún tí a jogún láti ìgbà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ì bá gba ọ̀rọ̀ náà. Lábẹ́ rẹ̀, màmá yín á gba ẹrù inú ilé àti nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kù, ẹ̀yin ọmọ á pín ìyókù dọ́gba. Ìyàwó kejì kò ní sí nínú ìwé rárá, torí ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísìtìrì kò lágbára láti fẹ́ ìyàwó míì bí ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ṣì máa jogún ní tirẹ̀, nítorí abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́. Ẹ wo inú àpótí bàbá dáadáa kí ẹ tó dá mi lóhùn pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, kí n sọ òtítọ́ kan fún ẹ tí kò ní dùn ún gbọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ohun tí lémọ́ọ̀mù sọ, mílíọ̀nù 22 àtààbọ̀ ló máa wọlé sí ọ̀dọ̀ màmá yín àti ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ péré ló máa kan ìdí kejì. Bí ẹ bá tẹ̀ lé àwọn àbúrò bàbá, mílíọ̀nù 12 sí 12 ni. Àbúrò yín tó ní kóòtù lòun fẹ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó kórìíra ẹ̀sìn bàbá rẹ̀. Ó mọ ìṣirò ni. Màmá tìrẹ náà sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé Ṣàríà nìkan, nínú ọ̀nà mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ló ya ìpín sọ́tọ̀ fún opó. Àwọn tó ń sọ pé Ṣàríà ló ń fìyà jẹ obìnrin kò wo ibi tí àṣà ìbílẹ̀ fi opó sí. Lọ́dún 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ọ́ kedere pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ara ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ni wọ́n ka opó sí, kò sì lè gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ogún ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yí padà: dọ́gba-dọ́gba ni nínú àṣà wa, ìdajì ni nínú Ṣàríà. Nítorí náà ìjà tó wà láàárín òfin méjèèjì kì í ṣe ìjà láàárín rere àti búburú. Ọ̀kan ń ṣe ìyá lóore, èkejì ń ṣe ọmọbìnrin lóore.

Báwo wá ni adájọ́ ṣe máa mọ òfin tó de bàbá yín? Kò ní béèrè bóyá wọ́n ń kírun. Ohun tó máa béèrè ni pé òfin ta ni olóògbé fi gbé ayé rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti dúkìá. Ẹjọ́ tó gbajúmọ̀ jù lórí ìdí-igi, ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé, orúkọ Mùsùlùmí ló kún inú rẹ̀. Súbérù Dáwódù kú ní Èkó lọ́dún 1940 láìkọ ìwé, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi kò bá ẹ̀rí ọkàn mu mọ́, kí wọ́n pín in fún ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dọ́gba. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ yí i padà lọ́dún 1958, ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1962: ìdí-igi ni àṣà, orí-ò-jorí sì jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà bí ìdí-igi bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ìwọ rántí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, torí agbára gidi ló fi sọ́wọ́ olórí ẹbí yín.

Ẹjọ́ mìíràn wà tó gba ọ̀nà kejì. Ní nǹkan bí ọdún 1900, nínú ẹjọ́ Asiata àti Goncallo, ọkùnrin Yorùbá kan tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì ti so yìgì níbẹ̀, ó sì tún ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ pẹ̀lú obìnrin kan náà. Nígbà tó padà sí Èkó, ó fẹ́ ìyàwó míì lọ́nà Mùsùlùmí, ó sì bí Asiata. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ìgbéyàwó onígbàgbọ́ yẹn ti Asiata síta. Ilé-ẹjọ́ wo bí ọkùnrin náà ṣe gbé ayé rẹ̀, wọ́n ní Mùsùlùmí ni, Asiata sì gba ìpín tirẹ̀. Lọ́dún 1945, nínú ẹjọ́ Tapa àti Kuka, ará Bídà kan kú sí Èkó láìkọ ìwé, òfin Mùsùlùmí ni wọ́n fi pín dúkìá tó ní síbẹ̀, nítorí òfin àwọn èèyàn rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di ọdún 1985, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fi ẹjọ́ Olówu sọ pé ènìyàn lè pa òfin ìbílẹ̀ rẹ̀ dà nígbà ayé rẹ̀: Ìjẹ̀ṣà ni bàbá Olówu, ó gbé Ìbínní títí ó fi di ọmọ Ìbínní, àṣà Ìbínní ni wọ́n sì fi pín ogún rẹ̀. Bí Ìjẹ̀ṣà bá lè di ọmọ Ìbínní nínú òfin, lójú tèmi kò sí ìdí tí ọmọ Èkìtì kò fi lè di ẹni tí Ṣàríà ń darí nínú ọ̀rọ̀ ogún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọn á béèrè.

Ẹ̀rí wo? Yìgì jẹ́ ọ̀kan, àmọ́ kò tó, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé Yorùbá ló so yìgì tó sì fi ìdí-igi pín ogún. Èyí tó wúwo jù ni bí bàbá yín ṣe ṣe nígbà tí bàbá tiwọn kú. Bí wọ́n bá gba ìpín tiwọn ní ìdí-igi láìjanpata, lọ́yà àbúrò yín máa gbé ìyẹn ka adájọ́ lójú. Bí wọ́n bá ní kí ààfáà wá pín in, tí ìwé ìpín náà sì wà nílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní ọ̀pá àṣẹ. Lẹ́tà tí wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níwájú àwọn jàmáà tó ṣì wà láàyè, zàká tí wọ́n ń ṣírò lọ́dọọdún pẹ̀lú àkọsílẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí wúlò. Lábẹ́ òfin ẹ̀rí ọdún 2011, àṣà tí kóòtù kò tíì mọ̀ dáadáa, ẹlẹ́rìí ló máa ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà ààfáà tó mọ ìpín ogún ní láti wá jẹ́rìí, kí lọ́yà kejì sì bi í ní ìbéèrè.

Ilẹ̀ tún ní tirẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ní abala 24, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ilé tí bàbá gba ìwé àṣẹ gómìnà lé lórí nínú ìgboro Adó, òfin ìbílẹ̀ tó de olóògbé nígbà tó kú ló máa gbé e kalẹ̀ fún àrólé. Oko kòkó tí wọ́n ní lábúlé lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, àṣà ibi tí ilẹ̀ náà wà ló máa darí rẹ̀. Méjèèjì fi àyè sílẹ̀ pé "àyàfi bí òfin mìíràn bá kàn án", ẹnu ihò yẹn sì ni Ṣàríà lè gbà wọlé. Ilẹ̀ ẹbí kò sí nínú ogún yín rárá. Kì í ṣe ti bàbá yín nìkan, ààfáà kò lè pín in, kóòtù náà kò lè pín in fún ẹ̀yin ọmọ bí ohun ìní wọn. Mo ti rí ibi tí ẹbí ti jà títí lórí ìlànà ìpín, kí wọ́n tó rí i pé ìdajì ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé jẹ́ ilẹ̀ bàbá bàbá wọn.

Nípa ibi tí ẹ ti máa gbé ẹjọ́ lọ, ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ní abala 275 sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá nílò rẹ̀ lè ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà. Abala 277 sì ka iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ìgbéyàwó, ọmọ títọ́, wákàfù, ẹ̀bùn, ìwé ìhágún àti ogún Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ ara ẹni ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá fi kún un láti ọdún 2000, lẹ́yìn tí gómìnà Zamfara bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìjìyà fún olè àti àgbèrè, kò sí nínú ohun tí ìwọ ń béèrè, kí ẹnikẹ́ni má sì fi dẹ́rù ba yín. Èkìtì kò dá irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti òfin ìbílẹ̀ àti ilé-ẹjọ́ gíga la ní.

Ó hàn kedere ní oṣù kíní ọdún 2025. Ìgbìmọ̀ onílàjà Ṣàríà kan jókòó ní mọ́ṣáláṣí Ọjà Ọba ní Adó láti yanjú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láàárín àwọn Mùsùlùmí. Ariwo sọ. Èwì ti Adó, Ọba Adéyẹmọ Adéjùgbé, ní kí wọ́n tú u ká nítorí àlàáfíà ìlú. Ìjọba ìpínlẹ̀, láti ẹnu kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́, ní Ṣàríà kò sí nínú ètò ilé-ẹjọ́ Èkìtì, pé àwọn kóòtù tó wà nílẹ̀ ti ń gbọ́ ẹjọ́ Mùsùlùmí, ti Kristẹni àti ti ìbílẹ̀ láìsí wàhálà. Àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ní onílàjà làwọn, àwọn kì í ṣe kóòtù, ẹni tó bá fẹ́ ló ń wá.

Mo bọ̀wọ̀ fún Kábíyèsí, mo sì mọ ohun tí ìbẹ̀rù ìjà ẹ̀sìn lè dá sílẹ̀ ní ìlú tí ọmọ ìyá kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí èkejì ń lọ mọ́ṣáláṣí. Síbẹ̀, èsì ìjọba pé kóòtù ìbílẹ̀ ti tó kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1998, nínú ẹjọ́ Alkamawa àti Bello, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé òfin Mùsùlùmí kì í ṣe òfin ìbílẹ̀: ó ní ìwé, ó ní ìlànà tí kì í yí padà láti ìlú dé ìlú. Abala 282 ìwé òfin wa sì sọ pé ọ̀rọ̀ òfin ìbílẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti òfin ìbílẹ̀ ní agbára lé lórí. Ẹ so méjèèjì pọ̀. Bí kóòtù ìbílẹ̀ ní Adó bá ṣi Ṣàríà lò nínú ọ̀rọ̀ ogún, ilé-ẹjọ́ tó wà lókè rẹ̀ l'Ékìtì lè ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lábẹ́ òun, torí kì í ṣe òfin ìbílẹ̀. Ìpele tó tún wà lókè, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀, ni abala 237 ti ní dandan ni kí adájọ́ tó mọ òfin Mùsùlùmí má dín ní mẹ́ta. Mùsùlùmí Èkìtì tó fẹ́ kí ẹni tó mọ òfin ẹ̀sìn rẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lè ní láti ná owó dé ibẹ̀. Àlàfo gidi ni. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí kò lè dí i, fífọwọ́ lé àwọn kóòtù tó wà nílẹ̀ kò sì dí i. Kíkọ ọ́ sínú òfin ìpínlẹ̀ pé kóòtù ìbílẹ̀ lè pe olùmọ̀ràn tó kọ́ ìmọ̀ ogún Mùsùlùmí jókòó tì í nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni èmi ì bá fẹ́ kí àwọn aṣòfin Èkìtì gbé yẹ̀ wò.

Ohun tí onílàjà lè ṣe fún yín wà nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá lọ́dún 1991. Ìlàjà ìbílẹ̀ á de àwọn tó wá síbẹ̀ bí gbogbo wọn bá fínnú-fíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wá, tí wọ́n gbà ṣáájú pé àwọn máa tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá sọ, tí wọ́n ṣe é ní ìlànà àwọn èèyàn náà, tí wọ́n kéde ìpinnu, tí ẹnikẹ́ni kò sì yọ ara rẹ̀ kúrò kí ìpinnu tó jáde. Ẹ fi sí ọ̀rọ̀ yín. Àbúrò yín tó di Kristẹni ti sọ pé òun kò wá. Nítorí náà, kò sí ààfáà kankan l'Ékìtì tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu yọ ọ́ kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá lọ pín in lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n yín sì ta ilé, àbúrò yín á gba ilé-ẹjọ́ gíga lọ, lọ́yà rẹ̀ á gbé abala 38 wá, tó fún ènìyàn ní òmìnira láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, àti abala 42, tó ní kí a má fi ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ obìnrin ṣe ìyàtọ̀ sí ọmọ ìlú. Lọ́dún 2014, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fi abala 42 wó àṣà Ígbò tó ń lé ọmọbìnrin kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀, nínú ẹjọ́ Ukeje. Ọ̀nà kan náà ni lọ́yà àbúrò yín máa gbà. Ẹni tó ra ilé yẹn náà á sì wọ kóòtù tẹ̀ lé yín.

Ṣùgbọ́n òfin Mùsùlùmí fúnra rẹ̀ kò sọ pé kí ọmọ náà lọ lọ́wọ́ òfo, ibí yìí ni mo ti ń bá àwọn ààfáà kan jiyàn. Ẹni tí kì í ṣe àrólé ni òfin gbà láyè kí a fi wàsíyà fún, tó bá ti wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Bí bàbá yín bá ti kọ gbólóhùn kan pé kí wọ́n fún ọmọ òun ní mílíọ̀nù 8, Ṣàríà kò ní tako ó. Wọn kò kọ ọ́, ó ti bọ́. Ohun tó kù ni pé àrólé Mùsùlùmí tó ti gba ìpín rẹ̀ ni olówó rẹ̀, ó lè fún ẹni tó bá wù ú. Súrátù Nísáì náà, ní ẹsẹ 8, pàṣẹ pé bí ìbátan tí kò ní ìpín bá wà níbi tí a ti ń pín ogún, kí a fún un nínú rẹ̀, kí a sì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Lémọ́ọ̀mù yín mọ ẹsẹ yẹn. Ẹ ní kí ó kà á níwájú gbogbo yín.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń ṣojú ẹbí yín, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé òfin wo la fẹ́. Mo máa kọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé kan, màá gbé e síwájú ẹ̀yin ọmọ mẹ́rin àti ìyá méjèèjì, kí olórí ẹbí àti lémọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Orí-ò-jorí wà lọ́wọ́ olórí ẹbí, mo rán yín létí lókè. Ẹ lè gbé e lé e: kí ẹ kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́jọ fún àwọn opó méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí Ṣàríà ti wí, kí ẹ wá pín mílíọ̀nù 21 tó kù fún ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, mílíọ̀nù 5 àti ẹgbẹ̀rún 250 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye náà gan-an ni ìwọ ì bá gbà lábẹ́ Ṣàríà pẹ̀lú àbúrò yín níta. Àbúrò yín kò ní gba mílíọ̀nù 12 tó ń wò, ẹ̀gbọ́n yín kò ní gba mẹ́wàá àtààbọ̀, àwọn méjèèjì ló máa ju nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín lè ka ohun tó jù sílẹ̀ sí ẹ̀bùn tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ níwájú Ọlọ́run rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹnu kò, ẹ má fi sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ bí àdéhùn, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú, kí ẹ sì gbé e lọ síwájú kóòtù kí adájọ́ sọ ọ́ di ìdájọ́ ìfohùnṣọ̀kan. Báńkì kò ní san owó bàbá fún ẹnikẹ́ni lórí ìwé mọ́ṣáláṣí tàbí ìwé ẹbí. Lẹ́tà àṣẹ láti ṣàkóso ogún láti ọ́fíìsì ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga ni wọ́n máa béèrè, ẹ fi orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ìdí méjèèjì sí i, kí ìdí kan má baà dá gba ìwé náà lẹ́yìn èkejì. Bí o bá gbọ́ pé ẹnì kan nínú ẹbí ti ń lọ gbà á ní kọ̀rọ̀ kí ẹ tó jókòó, lọ sí ọ́fíìsì yẹn lọ́jọ́ náà, kí o fi ìwé àtakò sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò ní fún un ní lẹ́tà kankan láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ tìrẹ.